Àtẹ máàkì mẹ́ta fún ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní: èwo ni kí ẹ mú?

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní máàkì lórí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ yóò bá oríṣi àtẹ mẹ́ta pàdé, yálà ilé-ìwé ló gbé e lé e lọ́wọ́ ni o, tàbí òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ya á. Mo máa pè wọ́n ní A, B àti D kó lè rọrùn láti fi wọ́n wéra.

Àtẹ A ni èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ láti kékeré. Olùkọ́ á wo ojú ìwé, á kọ 6 tàbí 8 lórí 10 sí i, á sì lè fi "tún gbìyànjú sí i" kún un. Àtẹ B pín iṣẹ́ náà sọ́nà mẹ́ta: bí ọmọ ṣe ń ya lẹ́tà, bó ṣe ń fi àlàfo sílẹ̀, àti bó ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipele mẹ́rin, ipele kọ̀ọ̀kan sì ní gbólóhùn tó sọ ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ rí kó tó fún ọmọ ní ipele náà. Àtẹ D kò ní ipele rárá. Lẹ́tà ló tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ á sì máa fi àmì sí iwájú èyí tí ọmọ yà bó ṣe yẹ.

Kí n tó sọ èyí tí mo máa mú, ẹ jẹ́ ká gbà pé nínú ohun mẹ́ta tí a fẹ́ máàkì yìí, àlàfo nìkan ló máa ń dúró sórí bébà de ẹni tó fẹ́ wò ó lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ọmọ ṣe gbé pẹ́ńsù rìn nígbà tó ń ya lẹ́tà, àti bí ìka rẹ̀ ṣe di pẹ́ńsù náà mú, méjèèjì ti parí kí ìwé tó dé orí tábìlì olùkọ́. Ẹni tó bá ń kó ìwé ọmọ lọ sílé lọ máàkì kò lè rí wọn, ì báà jẹ́ àtẹ tó dára jù lọ ló ń lò. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa àtẹ yòówù fi gbọ́dọ̀ jẹ́: ṣé ó jẹ́ kí n lè wo ọmọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń rìn?

Ohun tí bébà kò lè sọ nípa lẹ́tà

Ẹ mú lẹ́tà d. Bó ṣe yẹ kí ọmọ yà á ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ikùn lẹ́tà náà lápá ọ̀tún, kó yí sápá òsì lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kó yí i títí ikùn á fi pa dé, kó wá gòkè tààrà, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà kan náà láìgbé pẹ́ńsù sókè. Ọmọ mìíràn á fa igi látìsàlẹ̀ lọ sókè, á gbé pẹ́ńsù, á wá lẹ róbótó kan mọ́ igi náà. Lórí ìwé, d méjèèjì lè jọ ara wọn débi pé ẹ ò ní mọ̀yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ á hàn nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Igi àti róbótó á máa jìnnà síra, nítorí pé ohun méjì ni wọ́n jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé b àti d kò ní ìyàtọ̀ kankan nínú ìrìn ọwọ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀ ọ́n yà, igi tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ b, ìyíká ló sì ń bẹ̀rẹ̀ d, nítorí náà ọwọ́ fúnra rẹ̀ ń rán an létí. Ọmọ tó ń fi igi bẹ̀rẹ̀ méjèèjì ní láti máa rántí apá tí ikùn wà ní gbogbo ìgbà, ó sì máa ń gbàgbé. Dída b àti d rú kì í ṣe ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù títí ọmọ á fi tó nǹkan bí ọdún méje, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó mọ ohun tó fà á lè tètè tún un ṣe.

Nínú lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Yorùbá ní, a, d, g, gb, o àti ọ ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyíká kan náà. Ìdílé kan ni mo ka àwọn wọ̀nyí sí. Àwọn bíi b, h, k, m, n, p àti r ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìdílé mìíràn nìyẹn. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi c ṣe ìpìlẹ̀ ìdílé ìyíká. Àwa kò ní c, ó sì tó ká bẹ̀rẹ̀ láti orí o. Ọ̀rọ̀ ìdílé yìí ló máa là wá lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń yan àtẹ, nítorí pé ọmọ tí lẹ́tà mẹ́fà rẹ̀ kò dára lè jẹ́ ẹni tó ní àṣìṣe kan ṣoṣo.

Ọmọ kan, gbólóhùn kan, àtẹ mẹ́ta

Ká ní olùkọ́ kọ gbólóhùn yìí sójú pátákó pé kí àwọn ọmọ dà á kọ sínú ìwé onílà méjì:

*Adé gbé ọ̀bẹ dúdú sórí àpótí.*

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àlàfo márùn-ún ló wà láàrin wọn, lẹ́tà sì jẹ́ 21 tí a bá ka gb sí ẹyọ kan. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yìí nítorí pé ó ní b, d àti p, ó ní gb, ó sì ní ẹ àti ọ. Ẹ jẹ́ ká tún ní ọmọ tí a ń wò ń ya gbogbo ìyíká rẹ̀ látìsàlẹ̀, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí gan-an, ìyẹn lódì. Ó sọ b inú "ọ̀bẹ" di d. Àmì abẹ́ ọ̀ hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ó fi ti ẹ lé orí ìlà ìwé gan-an, ìlà sì gbé e mì. "Gbé" àti "ọ̀bẹ" lẹ̀ mọ́ra, àlàfo tó wà ṣáájú "àpótí" sì fẹ̀ tó ọ̀rọ̀ odidi kan. Ó fi àtàńpàkò dábùú ẹ̀gbẹ́ ìka ìfábẹ̀là nígbà tó ń di pẹ́ńsù mú, àmọ́ ìka rẹ̀ ń mì geere, kò sì rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí àtẹ kọ̀ọ̀kan á sọ nípa rẹ̀ nìyí. Bí èmi ṣe ń lo àtẹ B ni mo kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni mo sì ń fi dípò ipele níbi dídi pẹ́ńsù mú, mo máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú:

| | Àtẹ A | Àtẹ B | Àtẹ D |
|---|---|---|---|
| Yíyà lẹ́tà | kò sọ ọ́ lọ́tọ̀ | ipele 2: odidi ìdílé kan ń lọ sódì | 11 nínú 21 |
| Àlàfo | kò sọ ọ́ lọ́tọ̀ | ipele 2: méjì nínú márùn-ún kò dára | kò sí nínú rẹ̀ |
| Dídi pẹ́ńsù mú | kò rí i | "ó ń ṣiṣẹ́" | kò sí nínú rẹ̀ |
| Máàkì tí òbí á rí | 7 lórí 10 | ipele àti gbólóhùn | àmì níwájú lẹ́tà |
| Àkókò fún ọmọ kan | bí ìdajì ìṣẹ́jú | bí ìṣẹ́jú méjì, lójú ọmọ | bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lójú ọmọ |

Ẹ wo 11 inú 21 yẹn dáadáa. Lẹ́tà mẹ́jọ ló lọ nítorí ìyíká: d mẹ́ta, gb kan, ọ kan, o méjì, a kan. Ẹ̀kẹsàn-án ni b tó di d, ẹ̀kẹwàá sì ni ẹ tí àmì abẹ́ rẹ̀ kò hàn. Ẹni tó bá ka iye nìkan á rò pé ìdajì iṣẹ́ ọmọ náà ló bàjẹ́, á sì dá a padà sórí gbogbo lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀, bí ọmọ náà bá fi ọ̀sẹ̀ méjì ya o nìkan láti òkè lọ sápá òsì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àṣìṣe rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àtẹ A ní tirẹ̀ fún un ní 7, nítorí pé ìwé rẹ̀ ṣeé kà, òbí sì lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ ohun tó yẹ kí olùkọ́ ṣe lọ́jọ́ Ajé.

Àtẹ B nìkan ló lè sọ ọ́, ìyẹn sì jẹ́ bí a bá fi ìdílé ka ipele rẹ̀, tí a kò fi iye lẹ́tà kà á. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni pé ipele 4 ni kí gbogbo ìdílé lẹ́tà máa bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Ipele 3, lẹ́tà kan tàbí méjì péré ló ṣì ń yà bàrá. Ipele 2, odidi ìdílé kan ń lọ sódì. Ipele 1, ìdílé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí lẹ́tà má ṣeé dá mọ̀. Olùkọ́ tó bá kọ 2 gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ìdílé náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láìsí orúkọ yẹn, 2 kò yàtọ̀ sí 7 lórí 10.

Àmì abẹ́ kò sí nínú àtẹ tí a yá

Ọ̀pọ̀ àtẹ tí olùkọ́ ń rí gbà ni wọ́n ṣe fún èdè tí kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kò sí ìlà kankan nínú wọn fún àmì abẹ́, bẹ́ẹ̀ àmì yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tó fà á kì í ṣe àìbìkítà nígbà gbogbo. Nínú ìwé onílà méjì, ikùn lẹ́tà jókòó sórí ìlà ìsàlẹ̀, àmì abẹ́ sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà náà, níbi tí àmì ohùn ọ̀rọ̀ tó wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e náà ti ń wá àyè. Ọmọ tó rí i pé àyè há á fi àmì náà lé orí ìlà, kò sì sẹ́ni tó máa rí i mọ́.

Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ẹ fi gbólóhùn kan kún ìlà yíyà lẹ́tà nínú àtẹ B: àmì abẹ́ gbọ́dọ̀ hàn lábẹ́ ìlà, kó sì wà ní àárín ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Mo máa ń ka lẹ́tà tí àmì rẹ̀ kò hàn sí lẹ́tà mìíràn, nítorí pé ohun tó jẹ́ nìyẹn. Àmì ohùn orí ní tirẹ̀, mi ò ní máàkì rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé ní kíláàsì kìn-ín-ní. Gbígbọ́ ohùn ló wà nídìí rẹ̀, ibi tí a ti ń kọ́ wọn ní kíka ọ̀rọ̀ ló yẹ kó wà. Kí ẹ sì fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo láàrin gbólóhùn sí gbólóhùn kí ẹ tó máa fi àmì tó há fìyà jẹ ọmọ.

Àlàfo: èyí tó rọrùn jù láti kà

Níbi àlàfo, àtẹ B kò ní alátakò. Ẹ lè kà á lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ sílé, ẹ sì lè kà á lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ rí iye kan náà. Òṣùwọ̀n mi ni lẹ́tà o tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ: àlàfo láàrin ọ̀rọ̀ méjì gbọ́dọ̀ tó o kan, kó má sì ju méjì lọ. Ìwọ̀n lẹ́tà ọmọ náà ni kí ẹ lò, kì í ṣe rúlà, nítorí pé ọmọ tó ń kọ lẹ́tà ńlá nílò àlàfo ńlá. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe ìdíwọ̀n ìkọ̀wé ọmọ ọdún méje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbé e kalẹ̀ báyìí, pé kí àlàfo bá ìwọ̀n lẹ́tà mu.

Fún gbólóhùn tó ní àlàfo márùn-ún, ipele 4 ni kí márààrún dára. 3 ni kí ẹyọ kan yẹ̀. 2 ni kí méjì tàbí mẹ́ta yẹ̀. 1 ni kí ẹ má lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí. Ẹ fi ojú sí àlàfo inú ọ̀rọ̀ náà, pàápàá láàrin g àti b nínú gb. Ọmọ tó ń ronú pé lẹ́tà méjì ni wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, "gbé" á sì dà bí ọ̀rọ̀ méjì.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń ní kí ọmọ fi ìka kan dábùú láàrin ọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, nítorí pé ìka òsì rẹ̀ wà lẹ́yìn pẹ́ńsù. Ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì ní láti gbé ọwọ́ ọ̀tún gba abẹ́ apá ara rẹ̀ kọjá kó tó lè ṣe é, á sì da gbogbo ìwé rú. Kí ẹ tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ipele 1, ẹ ní kó máa fojú wọn o kan dípò ìka, kẹ́ ẹ tún wò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Dídi pẹ́ńsù mú: ẹ wò ó, ẹ má fi kún àròpọ̀

Ibí ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ àtẹ B jà. Wọ́n á fún dídi pẹ́ńsù mú ní máàkì 4, wọ́n á ní bí àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀là bá fún pẹ́ńsù, tí ìka àárín sì gbé e ró, 4 ni. Bí ó bá yàtọ̀ sí èyí, máàkì á máa lọ sílẹ̀. Ìdìmú onìka mẹ́ta yẹn dára, òun náà ni mo máa ń kọ́ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti wọn ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ tó ń lo ìdìmú onírúurú ti rí i pé oríṣi mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ bákan náà: onìka mẹ́ta, onìka mẹ́rin, àti àwọn méjèèjì pẹ̀lú àtàńpàkò tó dábùú. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ láàrin wọn nínú yíyára tàbí nínú bí ìwé ṣe ṣeé kà. Ọmọ inú àpẹẹrẹ wa ń lo ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí. Àtẹ tó bá fún un ní 1 ń bá a wí fún ohun tí kò pa á lára.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ Yorùbá púpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé, ìlànà fún ọmọ ọdún márùn-ún ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀: dídi pẹ́ńsù mú wà lábẹ́ ìdàgbàsókè ara, yíyà lẹ́tà sì wà lábẹ́ ìkọ̀wé. Ìdánwò ọwọ́ ìkọ̀wé ti Minnesota, tí wọ́n ṣe fún ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní àti kejì ní Amẹ́ríkà, ń máàkì bí lẹ́tà ṣe ṣeé kà, ìrísí wọn, bí wọ́n ṣe jókòó sórí ìlà, ìwọ̀n wọn àti àlàfo. Kò fún ìdìmú ní máàkì.

Nítorí náà, ohun tí mo ń kọ síbẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà. "Ó ń ṣiṣẹ́" tàbí "ó nílò ìrànwọ́" ni. Ó nílò ìrànwọ́ bí ọmọ bá fi ìkúùkù gbá pẹ́ńsù mú ní ọmọ ọdún mẹ́fà, bí apá títí dé èjìká ló ń rìn tí ìka sì dúró gbagidi, bó bá ń tẹ̀ ẹ́ débi pé lẹ́tà yọ sí ẹ̀yìn bébà, bí orí ìka rẹ̀ bá ń funfun, tàbí bó bá ń dúró láti gbọn ọwọ́. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò mọ̀ pé ẹ ń wo òun. Ọmọ tó bá rí olùkọ́ tó ń bọ̀ máa ń tètè tún ìka rẹ̀ tò.

Ìrànwọ́ náà kò ná yín lówó. Ṣóòkì kékeré tí kò ju ìwọ̀n orí àtàńpàkò lọ, pẹ̀lú síléètì, máa ń fipá mú ìka láti fún un, nítorí pé kò sí ibi tí àtẹ́lẹwọ́ lè dì mú. Ní ti pẹ́ńsù, kí ìka jìnnà sí ẹnu rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Fún ọlọ́wọ́ òsì, ó dára kó tó bíi mẹ́ta kó lè rí ohun tó ń kọ. Kí ìwé ọlọ́wọ́ òsì dagun, kí igun òkè apá òsì ga ju ti ọ̀tún lọ. Mo sì fẹ́ kó wà nínú àtẹ ní dúdú àti funfun pé ọwọ́ òsì kì í dín máàkì kù. Àwa Yorùbá kò fẹ́ kí ọmọdé nawọ́ òsì sí àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ kì í ṣe kíkí, olùkọ́ tó bá sì gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ òsì fi sí ọ̀tún ń ba ìkọ̀wé tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ máàkì jẹ́.

Èyí tí mo máa mú

Fún kíláàsì tó ní ọmọ ogójì, àtẹ D nìkan á gba 200 ìṣẹ́jú, ìyẹn ju wákàtí mẹ́ta lọ, kò sì sí olùkọ́ tó ní in. Àtẹ B á gba 80 ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá wo ọmọ mẹ́jọ lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún péré ni lójúmọ́, nígbà tí àwọn yòókù ń da iṣẹ́ kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbà pé kí a ṣe é nínú táàmù kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà kí ìfiwéra lè jẹ́ òótọ́.

Àtẹ D ni kí ẹ wá mú jáde fún àwọn ọmọ tó gba ipele 1 níbi yíyà lẹ́tà, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ju ìdílé kan lọ, ẹ sì nílò láti mọ lẹ́tà tí wọ́n ti mọ̀ àti èyí tó kù. Wọn kì í sábà ju ìwọ̀nba lọ nínú kíláàsì kan. Kí ẹ to àtẹ náà ní ìdílé-ìdílé, kì í ṣe láti a dé y, kí àṣìṣe kan tó ń da lẹ́tà púpọ̀ rú lè hàn lójú kan.

Àtẹ A, mi ò rí iṣẹ́ fún un ní kíláàsì kìn-ín-ní. Bí ilé-ìwé bá ní dandan ni kí nọ́ńbà lórí 10 wọ káàdì ọmọ, ẹ ro ipele yíyà lẹ́tà pọ̀ mọ́ ti àlàfo, tó jẹ́ 8 lápapọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ti 10, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ ìdìmú sí ibi àkíyèsí. Ọmọ inú àpẹẹrẹ wa á ní 4 nínú 8, ìyẹn 5 lórí 10. Òbí á béèrè ìdí tó fi jábọ́ láti 7. Ẹ ṣí ìwé rẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ ya d kan lójú òbí rẹ̀.

Kí olùkọ́ méjì tó jọ ń kọ́ kíláàsì kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo àtẹ B, kí wọ́n jọ wo ọmọ márùn-ún kan náà, kí olúkúlùkù máàkì láìfi han ẹnì kejì. Bí wọ́n bá fi ipele méjì yàtọ̀ síra lórí ọmọ kan, gbólóhùn inú àtẹ ló ní àléébù. Wọ́n á sábà rí ọ̀rọ̀ bíi "dáadáa" tàbí "díẹ̀" níbẹ̀. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ohun tó ṣeé kà rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì tún wo ọmọ márùn-ún mìíràn.